Ìbéèrè Kan, Máàkì 20: Bí A Ṣe Lè Dán Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Wò Lórí Àyẹ̀wò Ipò Ọkàn

Ìbéèrè kan wà tó ti mọ́ àwa tó ń kọ́ni ní ìṣègùn ọpọlọ lára: "Dárúkọ àwọn ìsọ̀rí àyẹ̀wò ipò ọkàn, kí o sì ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ó rọrùn láti kọ, ó sì rọrùn láti máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há a sórí yóò to gbogbo rẹ̀ láìfọ́: ìrísí àti ìṣesí, ọ̀rọ̀ sísọ, bí inú ṣe rí, èrò, ohun tí ojú ń rí àti ohun tí etí ń gbọ́, iyè àti ìrántí, òye tí aláìsàn ní nípa àìsàn ara rẹ̀. Yóò gba 17 nínú 20. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kan náà lọ síwájú aláìsàn, yóò kọ "kò tún ara ṣe" sí ìwé ẹni tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹ̀kọ́ ṣe wí nípa irú àìsàn tó fura sí.

Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí nìyí fún ẹ̀yin olùkọ́ ìṣègùn, ní UNIMED tí ìpínlẹ̀ Òǹdó dá sílẹ̀ ní 2015, ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn àti níbikíbi tí ẹ bá wà. Ohun tí aláìsàn sọ àti ohun tí ó ṣe ni kí a fi ìbéèrè wa wá, kí ìlànà máàkì wa sì máa sanwó fún ẹ̀rí kí ó tó sanwó fún orúkọ. Mo máa fi ìbéèrè kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ, láti orí ìtàn aláìsàn títí dé orí máàkì tó kẹ́yìn, kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn aláìsàn. Láti orí ìpinnu tí ẹ fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìpinnu mẹ́ta ni mo mú. Èkíní: ṣé ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbàgbọ́ òdì, tó jẹ́ àmì àìsàn, àti ìgbàgbọ́ tí gbogbo ilé jọ ní? Èkejì: bí aláìsàn bá sọ gbólóhùn kan tó dà bí ẹni pé ó fẹ́ kú, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ọ, ṣé yóò sì mọ ohun tó kàn láti béèrè? Ẹ̀kẹta: ṣé yóò dá àgbẹ̀ tí kò kàwé púpọ̀ lẹ́bi pé iyè rẹ̀ ti ra, nítorí pé kò mọ ìṣirò ilé ìwé? Lẹ́yìn tí mo ti mọ ìwọ̀nyí ni mo tó wá ẹni tí ìtàn rẹ̀ yóò gbé wọn jáde. Ìtàn tí mo hun nìyí; kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó.

Àgbẹ̀ kókó ni, ọmọ ọdún 58, láti Ìta-Ògbólú. Ó kàwé dé Pírámárì Kẹta. Ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 5 tó ti ń jí ní agogo 3 òru tí kì í lè padà sùn, kò sì tíì dé oko láti ọ̀sẹ̀ 3. Bùbá àti ṣòkòtò ọrùn rẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n aṣọ náà ti tóbi jù fún un. Ilẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí dókítà ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kan pa èkejì. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ kí ó tó dáhùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó dùn mọ́ mi nínú mọ́." Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dárúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Nǹkan ń rìn lórí mi bí èèrà, orí mi sì ń gbóná." Ó tún ní, "Ayé ló ń ṣe mí, láti ilé bàbá mi ni." Ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun rò, wòlíì ìjọ àwọn sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "Gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn, ọlọ́pàá ń bọ̀ wá mú mi." Àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n òun kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, ó mú ìwé owó kókó àti ìwé báńkì jáde, ó kà wọ́n sí i létí. Bàbá mi orí, ó ní, "Irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ó ní, "Ó sàn kí n sùn kí n má jí mọ́." Nígbà tí dókítà ní kí ó yọ 7 kúrò nínú 100 kí ó sì máa yọ ọ́ lọ, ó ní 93, ó dákẹ́, ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí." Wọ́n bi í ní déètì, kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀la ni ọjà ìlú àwọn. Àbúrò rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú ìtàn yìí. Kò sí orúkọ àmì àìsàn kankan nínú rẹ̀. Tí mo bá kọ pé "ó ní ìgbàgbọ́ òdì nípa gbèsè", mo ti dáhùn ìbéèrè mi fún akẹ́kọ̀ọ́. Tí mo bá kọ pé "inú rẹ̀ bàjẹ́", mo ti gba iṣẹ́ ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹni tó bá jókòó sínú yàrá yẹn lè fi ojú rí tàbí fi etí gbọ́ nìkan ni ìtàn gbọ́dọ̀ gbé. Bí ẹ bá kọ ìtàn tán, ẹ gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú bírò pupa, kí ẹ fa ilà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìdájọ́, kí ẹ sì fi ohun tí a rí tàbí tí a gbọ́ dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ìwé ìdánwò wa, ṣùgbọ́n Yorùbá ni bàbá yìí yóò sọ. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn sílẹ̀ ní Yorùbá, kí n wá kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀ ní ṣókí, torí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ Ìgbò, Ẹdó àti Ìjọ wà nínú kíláàsì, kò sì tọ́ kí èdè gbé wọn ṣubú nínú ìdánwò tí kì í ṣe ti èdè. Ìtumọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Tí bàbá bá sọ pé nǹkan ń rìn "bí èèrà", ọ̀rọ̀ "bí" yẹn kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú ìtumọ̀, nítorí pé òun gan-an ni máàkì rọ̀ mọ́, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé ìtàn náà nìyí, ìṣẹ́jú 30 ni fún gbogbo rẹ̀:

(a) Kọ ohun tí ìwọ yóò kọ sí ìwé aláìsàn yìí lábẹ́ ìrísí àti ìṣesí, ọ̀rọ̀ sísọ, àti bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ohun tó wà nínú ìtàn nìkan ni kí o lò. (Máàkì 6)

(b) Mú ọ̀rọ̀ bàbá yìí mẹ́ta: "Ayé ló ń ṣe mí", "Gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn, ọlọ́pàá ń bọ̀", "Nǹkan ń rìn lórí mi bí èèrà". Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, sọ bóyá àmì àìsàn ọpọlọ tó ti kúrò nínú òtítọ́ ni, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kò tíì ṣeé sọ. Kí o sì sọ ẹ̀rí tí o gbé e lé. (Máàkì 6)

(d) "Ó sàn kí n sùn kí n má jí mọ́." Kọ ohun tí o gbọ́ nínú gbólóhùn yìí, ohun tí ìwọ yóò béèrè tẹ̀ lé e, àti ohun tí ìwọ yóò rí i pé ó ṣẹlẹ̀ kí bàbá tó kúrò ní ilé ìwòsàn lónìí. (Máàkì 5)

(e) Kí ni o lè sọ nípa iyè rẹ̀? (Máàkì 3)

Ẹ ó rí i pé mi ò béèrè orúkọ àìsàn náà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá bi pé àìsàn wo ni yóò kọ́kọ́ ro orúkọ, yóò wá padà sẹ́yìn láti kó àwọn àmì tó bá orúkọ náà mu jọ, títí kan èyí tí bàbá kò ní. Ọ̀nà yẹn gan-an ni "kò tún ara ṣe" fi ń bọ́ sí orí ìwé ẹni tí aṣọ rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ orúkọ àìsàn, ẹ fi sí ìbéèrè mìíràn, ní ojú ewé mìíràn.

Ìlànà máàkì ló kù, ọjọ́ tí ẹ bá kọ ìbéèrè sì ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ìwé dé tábìlì rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn tó kù.

Fún (a), máàkì 2 ni ti ìrísí àti ìṣesí: méjì èyíkéyìí nínú aṣọ tó ti tóbi jù fún un, ojú tí kò kúrò nílẹ̀, ọwọ́ tó ń pa ara wọn. Máàkì 2 ni ti ọ̀rọ̀ sísọ: méjì èyíkéyìí nínú ohùn tó lọ sílẹ̀, ìdákẹ́ kí ó tó dáhùn, ìdáhùn kúkúrú. Máàkì 1 ni fún bí inú bàbá ṣe rí lẹ́nu ara rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ ọ́. Máàkì 1 tó kẹ́yìn ni fún ohun tí ojú bàbá fi hàn: kò yí padà nígbà tí wọ́n dárúkọ ọmọ-ọmọ. Ohun tí aláìsàn sọ nípa inú rẹ̀ àti ohun tí à ń rí lójú rẹ̀ jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pa wọ́n pọ̀ sínú gbólóhùn kan tí kò sọ èyí tó jẹ́ ti ẹnu àti èyí tó jẹ́ ti ojú, máàkì 1 ni yóò gbà, kì í ṣe 2. Ẹ kọ òfin kan sí ìsàlẹ̀: ohunkóhun tí kò sí nínú ìtàn, bíi "aṣọ rẹ̀ dọ̀tí" tàbí "ó ń sunkún", yóò gba máàkì àbọ̀ kúrò nínú ìsọ̀rí tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n máàkì ìsọ̀rí náà kò ní lọ sísàlẹ̀ òdo. Láìsí òfin yìí, ẹni tó bá kọ gbogbo ohun tó há sórí yóò bá méjì tó tọ́ pàdé nínú mẹ́wàá.

(b) ni ọkàn ìbéèrè yìí, ibẹ̀ náà ni ìlànà máàkì ti máa ń bàjẹ́ jù. Máàkì 2 ni fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, 1 fún ẹ̀rí, 1 fún ìpinnu. Òfin rẹ̀ ni pé a kò ní san máàkì ìpinnu bí kò bá sí ẹ̀rí tó bá a mu. Ìpinnu mẹ́ta ló wà láti mú, ẹni tó bá ṣẹ́ kèké yóò bá a ní ìdámẹ́ta ìgbà ó kéré tán, mi ò sì fẹ́ sanwó fún kèké.

Ọ̀rọ̀ "ayé ló ń ṣe mí" ni a máa kọ́kọ́ wò. Ìgbàgbọ́ òdì ni ìgbàgbọ́ tí kò ní ìpìlẹ̀, tí ẹ̀rí kò lè mì, tí kò sì bá ti àwọn tí ẹni náà ń bá gbé mu. Ìyàwó bàbá yìí gbà bẹ́ẹ̀, wòlíì ìjọ wọn gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì ni yóò sọ irú rẹ̀ nípa ara wọn tí wọn kì í ṣe aláìsàn. Nítorí náà, ìdáhùn tó gba máàkì kíkún ni "kì í ṣe ìgbàgbọ́ òdì, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ gbà á" tàbí "kò tíì ṣeé sọ". Ẹ jẹ́ kí ìlànà yín gba méjèèjì wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mú ọpọlọ wá lè kọ pé òun yóò bi ìyàwó bóyá bí bàbá ṣe di ìgbàgbọ́ yìí mú báyìí ti kọjá ti àwọn yòókù nílé: bóyá ó ti ń dárúkọ ènìyàn, ó kọ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀, ó gbé àdá sẹ́nu ọ̀nà. Òótọ́ ni, ìgbàgbọ́ tí gbogbo ilé jọ ní lè di ti àìsàn lọ́wọ́ ẹnì kan. Máàkì kíkún ni fún un.

Ọ̀rọ̀ gbèsè yàtọ̀. Ìgbàgbọ́ òdì ni. Ẹ̀rí tó gba máàkì ni pé àbúrò rẹ̀ sọ pé kò jẹ gbèsè, pé wọ́n ka ìwé sí i létí, kò sì gbà. Èyíkéyìí nínú wọn tó, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá so ó mọ́ bí ìgbàgbọ́ náà ti le tó.

Ọ̀rọ̀ tí nǹkan ń rìn lórí ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣubú sí. Roger Makanjuola, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní Ifẹ̀, kọ̀wé ní 1987 lórí ohun tí àwọn aláìsàn Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí, tí ohun tó ń rìn lórí wà lára ohun tí wọ́n ń sọ. Dókítà tó ti ṣiṣẹ́ níbí fún ìgbà díẹ̀ mọ̀ ọ́n: orí gbígbóná, orí tó ń ta, àyà tó ń já. Bàbá wa kò sọ pé èèrà wà lórí òun. "Bí èèrà" ló wí. Ohun tó ń ṣe é lára ló ń sọ, ó sì mọ̀ pé àfiwé ni. Ìdáhùn tó tọ́ ni pé kì í ṣe ìmọ̀lára ohun tí kò sí, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ "bí" yẹn. Ẹni tó bá kọ pé kò tíì ṣeé sọ, pé òun yóò bi í pé "Bàbá, ṣé ẹ rò pé kòkòrò wà níbẹ̀ ní ti gidi ni, àbí bí ó ṣe ń ṣe yín nìyẹn?", ẹ fún un ní 2.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi ìdáhùn mẹ́ta dán ìlànà yìí wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kìíní kọ pé: "Ó ní ìgbàgbọ́ òdì pé àwọn ènìyàn ń lépa òun. Ó ní ìgbàgbọ́ òdì nípa gbèsè. Ó ń ní ìmọ̀lára kòkòrò tí kò sí." Ìlànà àtijọ́ tó ń ka orúkọ àmì àìsàn ì bá fún un ní 3 ó kéré tán, nítorí orúkọ mẹ́ta tó gbóná ló kọ. Níbí, òdo ló gbà: méjì ò tọ́, èyí tó tọ́ kò ní ẹ̀rí. Ó ṣì ní máàkì rẹ̀ ní (a), kò tíì pàdánù ohun gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì kọ pé: "Ti ayé, n kò lè pè é ní ìgbàgbọ́ òdì, ìyàwó àti wòlíì rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ti gbèsè, ìgbàgbọ́ òdì ni, wọ́n fi ìwé hàn án, ó ní irọ́ ni. Ti èèrà, ó ń ní ìmọ̀lára kòkòrò tí kò sí, torí ó ní ó ń rìn." 2, 2 àti òdo: 4 nínú 6.

Akẹ́kọ̀ọ́ kẹta ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn olùmáàkì. Ó kọ pé: "Ti ayé, ìgbàgbọ́ òdì ni, nítorí pé kò sí ẹ̀rí pé àwọn ará ilé rẹ̀ ń ṣe é." Ó fún wa ní ìdí, ó sì jọ pé ó ronú. Mi ò ní fún un ní máàkì. Pé nǹkan kì í ṣe òótọ́ kọ́ ló ń sọ ọ́ di ìgbàgbọ́ òdì. Àìmọye ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni ẹni tí ara rẹ̀ dá gbà gbọ́. Bí ẹni náà ṣe dé ibi ìgbàgbọ́ yẹn, bí ó ṣe dì í mú, àti bóyá òun nìkan ló wà nídìí rẹ̀, ìwọ̀nyí la ń yẹ̀ wò. Karl Jaspers, ní ilẹ̀ Jámánì, ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn dókítà létí láti 1913 pé ohun tí ìgbàgbọ́ ń sọ ọ̀tọ̀, ìrísí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ ọ̀tọ̀. Ẹ kọ ìdáhùn kẹta yìí sínú ìlànà yín gan-an, pẹ̀lú òdo níwájú rẹ̀, nítorí pé bí ẹ kò bá kọ ọ́, olùmáàkì kan yóò fún un ní 1, òmíràn yóò fún un ní 2.

Ní (d), máàkì 5 pín báyìí: 1 fún gbígbọ́ pé ó wù ú kó kú, 1 fún bíbéèrè tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀, 1 fún bíbéèrè bóyá ó ti ní èrò bí yóò ṣe ṣe é àti ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé, 1 fún bíbéèrè bóyá ó ti gbìyànjú rí, 1 fún ohun tí a ó ṣe lónìí, ìyẹn pé bàbá kò ní dá wà, pé wọ́n yóò pe dókítà àgbà, wọn kò sì ní jẹ́ kó kàn gba oògùn lọ sílé. Níbi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àgbẹ̀ kókó ni: oògùn tí wọ́n fi ń fín kókó wà nínú ilé tàbí ní abà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dárúkọ rẹ̀, tó sì ní kí àbúrò bàbá kó o kúrò níbẹ̀, ti mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ pé òun kò ní béèrè nípa pípa ara ẹni kí òun má baà fi èrò náà sí i lórí, ẹ má fún un ní máàkì ìbéèrè tààrà yẹn, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí etí ìwé rẹ̀: ìbéèrè kì í dá èrò ikú sílẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó ní in rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ẹni tó bá kọ pé "kò ronú láti kú", òdo ni fún gbogbo (d). Ṣùgbọ́n ẹ má ba máàkì (a), (b) àti (e) rẹ̀ jẹ́ nítorí rẹ̀. Bí ẹ̀ka yín bá fẹ́ kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ já akẹ́kọ̀ọ́ lulẹ̀ nínú gbogbo ìdánwò, ẹ fi ẹnu kò lé e lórí kí ìdánwò tó wáyé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn ní kíláàsì. Inú ìbínú olùmáàkì kan ní òru ọjọ́ máàkì kọ́ ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ti yẹ kó jáde.

(e) kúrú. Yíyọ 7 kúrò nínú 100 wà nínú àyẹ̀wò tí Folstein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1975, àwọn tó kàwé dé ibì kan ló sì rọrùn fún. Máàkì 1 ni fún sísọ pé ìdáhùn bàbá kò tó láti fi dá iyè rẹ̀ lẹ́bi, bóyá nítorí ìwé tí ó kà, bóyá nítorí pé ohun gbogbo ti falẹ̀ lára rẹ̀. Máàkì 1 ni fún dídárúkọ àyẹ̀wò tó bá a mu: kí ó ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, tàbí kí wọ́n bi í ní ṣẹ́ńjì tó máa gbà bó bá fún oníepo ní ₦1,000 fún epo ₦650. Máàkì 1 tó kù ni fún sísọ pé ó mọ ìgbà tí a wà: ó mọ ọjọ́ ọjà, wọ́n sì jẹ́rìí sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ pé "kò mọ ìgbà, torí kò mọ déètì" pàdánù rẹ̀.

Kí ẹ tó lo ìbéèrè yìí, ẹ fún akẹ́gbẹ́ yín méjì ní ìdáhùn márùn-ún kan náà láti máàkì ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sì rí máàkì ara wọn. Apá tí wọ́n bá ti fi ju máàkì 1 yàtọ̀ síra, ẹ má pè wọ́n jọ láti ṣe àròpín. Gbólóhùn ìlànà yín ní apá yẹn ni kí ẹ tún kọ. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ mú ìdámẹ́ta tó gba máàkì jù nínú gbogbo ìwé náà àti ìdámẹ́ta tó gba máàkì kéré jù, kí ẹ wo (b) nìkan. Bí àwọn méjèèjì bá gba iye kan náà, (b) kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àwọn tó kẹ́yìn bá tilẹ̀ gbà jù, ẹ ka ìdáhùn àwọn tó ṣíwájú, ẹ óò sábà rí ìdáhùn tó dára tí ìlànà yín kò ronú kàn.

Ìwé nìkan kò lè fi hàn bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè ọ̀rọ̀ ikú lọ́wọ́ àgbàlagbà láìrẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ nílò ẹni tó máa ṣe bí bàbá yìí nínú yàrá ìdánwò, pẹ̀lú olùmáàkì tó jókòó sí igun, tó ń wò bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kí i, bóyá ó ń pè é ní bàbá, bóyá ó sì dákẹ́ fún un nígbà tí bàbá ń dákẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìtàn yìí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó sọ pé òun àti gbogbo ilé kò mọ ibi tí ó ti gbé ọ̀rọ̀ ayé yẹn wá, pé rédíò aládùúgbò ló ní ó ń fi èrò sí òun lórí. Ìdáhùn (b) fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yí padà sí ìgbàgbọ́ òdì. Tàbí ẹ yọ "bí" kúrò níwájú èèrà, kí bàbá máa fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ láti lé wọn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó há ìdáhùn ọdún tó kọjá sórí yóò kọ ọ́ bó ṣe wà, máàkì 2 yóò sì lọ níbẹ̀.